Wọ́n fi ₦300 lé kílò kan nínú ínfọ́ìsì ọ̀rá búrẹ́dì wa: báwo ni kí n ṣe kọ ímeèlì sí wọn?

Ọmọ Òkèsà (Iléṣà) béèrè:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà ìdí ìṣírò owó. Iléeṣẹ́ búrẹ́dì kan ní Iléṣà níbí ni mo ti ń ṣe akàǹtáǹtì. Ìbàdàn la ti ń ra ọ̀rá tí a fi ń di búrẹ́dì. ₦2,850 ni wọ́n pe kílò kan nínú kótéṣọ̀n wọn, iye yẹn náà ni mo kọ sínú ẹ́lìpíò, ìwé tí a fi ní kí wọ́n kó ọjà wá. Ínfọ́ìsì dé, ₦3,150 ni mo bá níbẹ̀, kílò 420. Mo pe ọmọkùnrin tó ń tajà fún wọn, ó ní ọjà ti gbówó lórí. Mọ̀mí tó ni iléeṣẹ́ ní kí n kọ ímeèlì gbígbóná sí wọn. Ohun tí mo kọ rèé: "Ó yà wá lẹ́nu pé ẹ fẹ́ rẹ́ wa jẹ. Ẹ dá owó wa padà kíá." Ṣé kí n fi ránṣẹ́ bẹ́ẹ̀?

---

Bàbá Léjà (Ilé-Ifẹ̀):

Dúró ná. Ìbínú Mọ̀mí tọ́, àmọ́ ẹni tí yóò ṣí ímeèlì yẹn n'Íbàdàn kò mọ Mọ̀mí rí. Ó lè jẹ́ ọmọbìnrin kan tó jókòó ti kọ̀ǹpútà, tí ínfọ́ìsì oríṣiríṣi oníbàárà kún iwájú rẹ̀. Ohun tó fẹ́ mọ̀ ni pé ínfọ́ìsì wo ni, ìlà wo ni, èló ni ẹ̀yin gbà pé ó yẹ kó jẹ́, kí sì ni ẹ̀rí yín. Kò sí ọ̀kan nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin nínú ohun tí o kọ. Yóò tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, á ní òun á bi ọmọ tó tajà léèrè, bẹ́ẹ̀ ọmọ tó tajà gan-an ló fi iye tuntun síbẹ̀.

O tún ní kí wọ́n dá owó padà. Ṣé ẹ ti sanwó ni? Bí ẹ ò bá tíì san, kò sí kọ́bọ̀ yín lọ́wọ́ wọn. Kírẹ́díìtì nóòtì ni kí o béèrè, ìwé tí wọ́n á fi yọ owó tó lé kúrò nínú ínfọ́ìsì.

Kó o tó kọ ohunkóhun, lọ tú fáìlì rẹ wò, kó o padà wá sọ fún wa. Ọjọ́ wo ni kótéṣọ̀n jáde, ọjọ́ wo ni wọ́n ní iye inú rẹ̀ ń parí? Ọjọ́ wo ni ẹ́lìpíò lọ, kí ni wọ́n sì sọ nígbà tó dé ọ̀dọ̀ wọn? Wo ínfọ́ìsì tó ṣáájú eléyìí pẹ̀lú. Bí ẹ bá ti san ₦3,150 lẹ́ẹ̀kan rí láìjanpata, ẹnu yín kò ní fi bẹ́ẹ̀ gbà á mọ́.

---

Sítọ́ọ̀kípà Àgbà:

Kí ló dé tí ẹ ń fi ọ̀rọ̀ kékeré yìí ṣe wàhálà? Iye tó wà nínú ẹ́lìpíò ni kí o san. Wọ ápù báńkì, tẹ iye yẹn, ó parí. Ímeèlì kankan ò sí nínú ẹ̀. Ẹni tí owó ẹ̀ ò bá pé ni yóò pariwo. Bí ọ̀gá tí mo bá ṣiṣẹ́ ṣe ń ṣe é nìyẹn, kò sì sí sọ́púláyà tó lè fi ojú gbà á.

---

Ìyá Sìmẹ́ńtì (Ọjà Àtàkúmọ̀sà):

Ẹ̀yin akàǹtáǹtì wọ̀nyí, ẹ ò jẹ́ ká rímú mí! Ọjà ń lọ sókè láàárọ̀, ó ń lọ sókè lálẹ́, ẹ sì fẹ́ kí á máa ta á ní iye àná. Ta ló máa san ìyàtọ̀ fún wa ní ilé iṣẹ́ tí a ti ń kó o? Kóńtírátọ̀ kan ṣe bẹ́ẹ̀ sí mi. Mo kọ iye àpò sìmẹ́ńtì fún un lórí ìwé, kò wá rà á, ó lọ gbé ìwé náà sínú àpò. Nígbà tó máa fi padà dé, sìmẹ́ńtì ti kúrò níbi tí mo fi í sí. Ó na ìwé jáde bí ẹni pé ìwé ilẹ̀ ni. Mo ní "ọmọ mi, ìwé yẹn ti kú." Kí o lọ bá àwọn ará Ìbàdàn yẹn ṣe é pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ o, àwọn náà ń rà á ni.

---

Bàbá Léjà:

Ìyá wa, ẹ kú ọjà. Ẹ jẹ́ kí n bi yín ní ìbéèrè kan: nígbà tí kóńtírátọ̀ yẹn padà dé, ṣé ẹ ti ń kó sìmẹ́ńtì sínú ọkọ̀ ẹ̀ kí ẹ tó sọ iye tuntun fún un, àbí ẹ sọ fún un kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan àpò?

---

Ìyá Sìmẹ́ńtì:

Há! Kí àwọn ọmọ tó fọwọ́ kàn án ni o. Mo sọ fún un nílẹ̀. Ó kùn, ó kùn, ó sì rà á. Ta ló ń gbé ẹrù fún ènìyàn tán kó tó dájọ́ owó fún un? Ìjà nìyẹn.

---

Bàbá Léjà:

Ohun tí mo ń sọ gan-an nìyẹn, ẹ ṣeun. Ẹni tó bá fẹ́ fi owó lé ọjà lẹ́tọ̀ọ́ láti fi lé e, kó ṣáà sọ ọ́ kí ọjà tó kúrò nílẹ̀. Oníbàárà á wá yàn: bóyá á rà á, bóyá á wá ibòmíì lọ. Ẹni tó gbé ọjà wá sí Iléṣà lórí ẹ́lìpíò ₦2,850 láìsọ nǹkan kan, tó wá fi ₦3,150 pamọ́ sínú ínfọ́ìsì, kò fún ẹnikẹ́ni láàyè àti yàn.

Ìwọ Sítọ́ọ̀kípà, ìdajì òótọ́ lo sọ. Ká san iye tí kò sí àríyànjiyàn lórí ẹ̀, ó dáa. Ká san án ká sì dákẹ́, ibẹ̀ ni kò ti dáa. Nínú ìwé tiwọn, ínfọ́ìsì yẹn ṣì wà ní odidi. Gbogbo owó tí ẹ kò san ti di gbèsè yín níbẹ̀, ó sì ń dàgbà. Oṣù mẹ́ta sígbà náà, ọmọ tó mọ̀ nípa ọ̀rọ̀ náà lè ti fiṣẹ́ sílẹ̀, ẹlòmíì á wá tẹ sítéètìmẹ́ńtì jáde, á rí i pé ẹ jẹ wọ́n lówó. Ìwọ ni wàá wá máa wá ẹ̀rí ọ̀rọ̀ tí kò sí ẹni tó kọ ọ́ sílẹ̀.

---

Àárẹ̀ Ìbàdàn:

Mo wà ní ẹ̀ka tó ń gba owó lọ́wọ́ oníbàárà ní iléeṣẹ́ kan tó ń ta ohun ìdìjà n'Íbàdàn. Kì í ṣe ibi tí àǹtí yìí ti ń ra ọjà o, mo lérò bẹ́ẹ̀! Òótọ́ ni bàbá sọ. Tí oníbàárà bá san àbọ̀ láìkọ̀wé, a ò mọ̀ bóyá ó ṣèèṣì ni, bóyá owó ló tán, bóyá ó ń jà. Kọ̀ǹpútà wa kò sì mọ ìjà. Tí gbèsè bá ti kọjá ọjọ́ ìsanwó, ó ń ti àkáǹtì oníbàárà pa fúnra rẹ̀. Lọ́jọ́ tí ẹ bá tún fẹ́ kó ọjà, ẹni tó wà ní géètì á ní kò sí ìwé ìjáde.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lọ́dọ̀ tiwa. Lọ́pọ̀ ìgbà, kì í ṣe pé a fẹ́ rẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ. Tí iye tuntun bá jáde, wọ́n á yí i nínú kọ̀ǹpútà lẹ́ẹ̀kan náà. Gbogbo ẹ́lìpíò tó ti wọlé ṣáájú, tí ọjà wọn kò tíì jáde, ẹnì kan ló yẹ kó lọ fi ọwọ́ dá iye wọn padà. Bí ẹni náà bá gbàgbé, kọ̀ǹpútà á fi iye tuntun tẹ ínfọ́ìsì. Ẹni tó tẹ̀ ẹ́ kò tiẹ̀ rí kótéṣọ̀n. Torí náà, àǹtí, ẹ má fi ọ̀rọ̀ "rẹ́ jẹ" síbẹ̀. Tí mo bá rí i, mo gbọ́dọ̀ gbé e lọ fún mánéjà, mánéjà á sì fẹ́ gbèjà iléeṣẹ́ kó tó wo ìṣírò. Tí ẹ bá kàn sọ pé iye yàtọ̀, èmi fúnra mi lè yanjú ẹ̀ láàárọ̀ kan.

Ẹ má sì fi ránṣẹ́ sí ọmọ tó tajà nìkan. Ẹ̀ka ìṣírò owó ni kí ó lọ sí, kí ẹ fi ẹ̀dà ránṣẹ́ sí òun.

---

Ọmọ Òkèsà:

Ẹ ṣé, ẹ̀yin àgbà. Ẹ ṣé, ẹ̀gbọ́n Ìbàdàn. Ohun tí mo bá nínú fáìlì rèé. 4 Oṣù Kẹta ni kótéṣọ̀n jáde, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé iye yẹn wà títí di 18 Oṣù Kẹta. Ẹ́lìpíò wa jáde ní ọjọ́ 11. Ọjọ́ kejì ni ọ́fíìsì wọn fi ímeèlì kúkúrú fèsì: "A ti gbà á, ọjà máa jáde lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀." Ọjọ́ 20 ni ọjà dé, ọjọ́ 20 náà ni ínfọ́ìsì. Róòlù 20 ló wá, kílò 420 ló sì wà nínú wébíìlì, ìwé tó bá ọjà wá. A ò tíì san nǹkan kan, ọgbọ̀n ọjọ́ ni wọ́n fún wa. Èyí tí a rà ní Oṣù Kìíní, ₦2,850 náà ni.

Ẹ̀rù tó ń bà mí ni pé ọjọ́ 20 ti kọjá ọjọ́ 18.

---

Sítọ́ọ̀kípà Àgbà:

Ó ti bọ́ nìyẹn. Kótéṣọ̀n ti kú kí ọjà tó dé. Ẹ san owó olówó.

---

Bàbá Léjà:

Kò bọ́ rárá. Ọjọ́ tí wọ́n kọ sínú kótéṣọ̀n, ọjọ́ tí ẹ gbọ́dọ̀ ti pinnu ni, kì í ṣe ọjọ́ tí ọkọ̀ gbọ́dọ̀ ti wọ Iléṣà. Ẹ pinnu ní ọjọ́ 11, wọ́n gbà á ní ọjọ́ 12. Láti ọjọ́ yẹn lọ, àdéhùn ti wà nílẹ̀ ní ₦2,850. Àwọn ló yan ọjọ́ tí ọkọ̀ máa jáde. Bí ó bá jẹ́ pé ọjọ́ tí ọjà dé ló ń pinnu iye, sọ́púláyà kan lè jókòó lórí ẹ́lìpíò títí ọjà á fi gbówó lórí, kó tó wá gbé e.

Ímeèlì kúkúrú ọjọ́ 12 yẹn ni ẹ̀rí tó lágbára jù lọ́wọ́ rẹ, ọmọ mi. Èèyàn púpọ̀ kì í tọ́jú irú rẹ̀, torí pé kò sí owó nínú ẹ̀, kò sí fọ́ọ̀mù, ìlà kan péré ni. Tẹ̀ ẹ́ jáde, kó o so ó mọ́ ẹ́lìpíò nínú fáìlì.

---

Àárẹ̀ Ìbàdàn:

Bàbá, mi ò fẹ́ ba ọ̀rọ̀ yín jẹ́, àmọ́ kí àǹtí lọ wo ìsàlẹ̀ kótéṣọ̀n yẹn dáadáa. Nínú tiwa, lẹ́tà tíntìntín kan wà nísàlẹ̀ pé iye owó lè yí padà láìsọ tẹ́lẹ̀. Ọ̀gá mi ti fi ìlà yẹn lé oníbàárà padà rí.

---

Ọmọ Òkèsà:

Ó wà níbẹ̀ o. Mo ní láti fẹ ojú ìwé tóbi lórí fóònù kí n tó lè kà á.

---

Bàbá Léjà:

Kò já mi láyà. Ìwé kan náà ni wọ́n kọ ọ́ sí pé iye wà títí di ọjọ́ 18, ni wọ́n tún kọ ọ́ sí pé ó lè yí padà. Mo gbà pé wọ́n lè yí i padà kí ẹ tó fọwọ́ sí i. Lẹ́yìn tí wọ́n ti gba ẹ́lìpíò, rárá.

---

Àárẹ̀ Ìbàdàn:

Bẹ́ẹ̀ lẹ̀yin rí i, bàbá. Ọ̀gá mi kò ní gbà. Ó ní oníbàárà ka ìwé náà kó tó fi ẹ́lìpíò ránṣẹ́, ó sì gba gbogbo ohun tó wà nínú ẹ̀. Lọ́yà méjì lè jà lórí ẹ̀ kílẹ̀ ṣú. Àmọ́ fún irú owó báyìí, kò sí ẹni tó máa gbé e dé kóòtù. Ìmọ̀ràn mi ni pé kí àǹtí má mẹ́nu kan ìlà yẹn nínú ímeèlì. Bí wọ́n bá fẹ́ lò ó, kí àwọn fúnra wọn mú un jáde.

---

Bàbá Léjà:

Lórí ìyẹn, a jọ fohùn ṣọ̀kan.

Ó yá, bí èmi ṣe máa kọ ọ́ rèé. Mo mọ̀ pé Gẹ̀ẹ́sì lo máa fi kọ ọ́ sí wọn, àmọ́ Yorùbá ni mo fi kọ ọ́ níbí kí ìyá wa lè bá wa dá sí i. Mo fi nọ́ńbà tó wù mí sí ínfọ́ìsì àti ẹ́lìpíò, ìwọ fi tìrẹ rọ́pò.

> Àkọlé: Ínfọ́ìsì 0418 ti 20 Oṣù Kẹta: iye kílò kan yàtọ̀ sí ti ẹ́lìpíò 027, ìyàtọ̀ ₦135,450
>
> Sí Ẹ̀ka Ìṣírò Owó,
>
> A ti gba ínfọ́ìsì yín 0418, àpapọ̀ ₦1,422,225. Ọjà pé bó ṣe wà nínú wébíìlì, kílò 420.
>
> Ní ìlà kìíní, ₦3,150 ni ẹ kọ fún kílò kan. ₦2,850 ló wà nínú kótéṣọ̀n yín ti 4 Oṣù Kẹta, tó wà títí di 18 Oṣù Kẹta. Ẹ́lìpíò 027 jáde lórí iye yẹn ní 11 Oṣù Kẹta, ẹ sì fi ímeèlì ti ọjọ́ 12 sọ pé ẹ ti gbà á.
>
> Bí ẹ ṣe kọ ọ́: 420 × ₦3,150 = ₦1,323,000. Fáàtì ₦99,225. Àpapọ̀ ₦1,422,225.
>
> Bí ó ṣe yẹ: 420 × ₦2,850 = ₦1,197,000. Fáàtì ₦89,775. Àpapọ̀ ₦1,286,775.
>
> Ìyàtọ̀: ₦126,000. Fáàtì orí rẹ̀ ₦9,450. Àpapọ̀ ₦135,450.
>
> Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi kírẹ́díìtì nóòtì ₦135,450 lórí ínfọ́ìsì 0418 ránṣẹ́ sí wa kó tó di 27 Oṣù Kẹta. A máa san ₦1,286,775 nígbà tí ọjọ́ ìsanwó bá pé, ní 19 Oṣù Kẹrin. Bí ẹ bá ní ìwé tó fi hàn pé a fọwọ́ sí iye tuntun kí ọjà tó jáde, ẹ fi ránṣẹ́ kí á yẹ̀ ẹ́ wò.
>
> A so kótéṣọ̀n, ẹ́lìpíò, ímeèlì ti ọjọ́ 12, wébíìlì àti ínfọ́ìsì mọ́ ọn.

Kò sí èébú níbẹ̀, kò sì sí ẹ̀bẹ̀ níbẹ̀. Gbogbo ohun tí ọmọbìnrin tó jókòó ti kọ̀ǹpútà nílò wà lójú kan, kò ní pe ẹnikẹ́ni kó tó mọ ohun tí ẹ ń sọ. Fi iye owó sínú àkọlé, torí ọ̀gá tí kò ní ráyè ka ara ìwé á ṣáà rí àkọlé.

---

Sítọ́ọ̀kípà Àgbà:

Bàbá, kí ló dé tí ẹ ṣílẹ̀kùn fún wọn? "Bí ẹ bá ní ìwé tó fi hàn pé a fọwọ́ sí i." Ẹ ti kọ́ wọn ní ohun tí wọ́n máa sọ nìyẹn! Ẹ tún lọ bu owó fáàtì lé e. Fáàtì kì í ṣe ti sọ́púláyà, ti ìjọba ni. Ẹ béèrè ₦126,000 yín, kí ẹ fi ti ìjọba sílẹ̀ fún ìjọba.

---

Bàbá Léjà:

Ti ilẹ̀kùn lákọ̀ọ́kọ́. Ká ní Mọ̀mí ti sọ "ó dáa, ẹ gbé e wá" fún ọmọ tó ń tajà lórí fóònù, láìsọ fún akàǹtáǹtì ẹ̀. Ó máa ń ṣẹlẹ̀ ju bí o ṣe rò lọ. Ó sàn kí ọmọ yìí gbọ́ ọ nísinsìnyí ju kó gbọ́ ọ níwájú gbogbo ènìyàn lẹ́yìn tó ti pariwo. Bí kò bá sì sí ìwé bẹ́ẹ̀, ìlà yẹn á jẹ́ kí àwọn fúnra wọn wá a tì.

Ti fáàtì: ìdá 7.5 nínú ọgọ́rùn-ún owó ọjà ni. Bí ₦126,000 kò bá jẹ́ owó ọjà, fáàtì kankan kò sí lórí ẹ̀, a jẹ́ pé ₦9,450 yẹn kò tọ́ sí ìjọba, kò tọ́ sí sọ́púláyà, kò sì yẹ kó jáde lápò yín. Àwọn tó ń ta ọjà ni yóò ṣàtúnṣe ohun tí wọ́n ròyìn fún àjọ owó-orí. Àárẹ̀ Ìbàdàn, ṣé irọ́ ni mo pa?

---

Àárẹ̀ Ìbàdàn:

Òótọ́ ni, bàbá. Ìdí tí mo fi fẹ́ràn ọjọ́ 27 tí ẹ fi síbẹ̀ nìyẹn. Ọjọ́ 21 oṣù tó tẹ̀ lé e ni a gbọ́dọ̀ ti fi fáàtì oṣù kan ránṣẹ́. Bí kírẹ́díìtì nóòtì bá jáde kí Oṣù Kẹta tó parí, inú oṣù kan náà ni ínfọ́ìsì àti kírẹ́díìtì nóòtì máa bọ́ sí, a ò ní san fáàtì orí owó tí a kò gbà. Bí ó bá di Oṣù Kẹrin, a ṣì lè yọ ọ́, àmọ́ ọ̀gá á máa bi wá léèrè ohun tí a fi san án tẹ́lẹ̀. Oníbàárà tó bá kọ̀wé sí mi lọ́sẹ̀ tó gbẹ̀yìn oṣù, tí ohun gbogbo pé, òun ni mo máa ń kọ́kọ́ dá lóhùn.

Ibi kan ni mi ò ti bá bàbá lọ. Èmi ìbá má ṣèlérí pé a máa san ìyókù. Oníbàárà tó di gbogbo ₦1.4 mílíọ̀nù mú ni ọ̀gá mi máa ń pè fúnra rẹ̀. Ẹni tó ti ní òun máa san, ó lè dúró.

---

Ọmọ Òkèsà:

Ohun tí Mọ̀mí náà sọ nìyẹn. Ó ní òun ò ní san kọ́bọ̀ títí wọ́n á fi tún un kọ. Ó ní àwọn bàbá òun fi òṣómàáló gba owó kiri ìlú, ẹnì kan ò lè fi ọgbọ́n Ìbàdàn gbà á lọ́wọ́ òun.

---

Bàbá Léjà:

Kí Mọ̀mí rántí pé apá ibi tí wọ́n jókòó sí yàtọ̀ lọ́tẹ̀ yìí: àwọn ni wọ́n jẹ owó! Èmi ò fọwọ́ sí dídi gbogbo ẹ̀ mú. Bí ẹ bá dì í mú kọjá ọjọ́ 19, ẹ̀yin náà ti rú àdéhùn, wọ́n á sì fi ìyẹn bo tiwọn mọ́lẹ̀. Kí ọjọ́ 19 tó pé ṣá, kò sí ẹni tó ní kí ẹ san.

---

Ìyá Sìmẹ́ńtì:

Nísinsìnyí ló ṣẹ̀ṣẹ̀ yé mi. Mo ti rò pé ọmọ yìí kàn fẹ́ ra ọjà lówó pọ́ọ́kú ni. Bí wọ́n bá ti gbà á lórí ìwé, kí wọ́n gbé e ní iye tí wọ́n gbà á. Àmọ́ kí Mọ̀mí rẹ san ìyókù o. A jọ ń ṣòwò ni.

---

Ọmọ Òkèsà:

Wọ́n ti fèsì! Mo fi ránṣẹ́ bí bàbá ṣe kọ ọ́, mo fi ẹ̀dà ránṣẹ́ sí ọmọ tó tajà. Wọn ò jiyàn rárá, wọ́n ní iye tuntun ló gba inú kọ̀ǹpútà wọlé. Wọ́n fi kírẹ́díìtì nóòtì ránṣẹ́. ₦126,000 ló wà níbẹ̀. Fáàtì kò sí nínú ẹ̀. Ṣé kí n gbà á bẹ́ẹ̀? Mọ̀mí ti ń jó.

---

Bàbá Léjà:

Kí Mọ̀mí dá ijó dúró díẹ̀. Bí o bá fi í sínú léjà rẹ bẹ́ẹ̀, ₦1,422,225 yọ ₦126,000 ku ₦1,296,225. Ẹ̀yin sì fẹ́ san ₦1,286,775. ₦9,450 á kù sílẹ̀ lórí sítéètìmẹ́ńtì, a tún ti padà síbi tí a ti bẹ̀rẹ̀. Dá a lóhùn lórí ímeèlì kan náà, má bẹ̀rẹ̀ òmíràn. Ìlà méjì ti tó: "Ẹ ṣeun. Fáàtì orí ₦126,000, ìyẹn ₦9,450, kò sí nínú kírẹ́díìtì nóòtì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un ṣe kí àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦135,450." Kí o sì rí i pé nọ́ńbà ínfọ́ìsì wà lára rẹ̀. Kírẹ́díìtì nóòtì tí kò dárúkọ ínfọ́ìsì, wọ́n lè fi pa gbèsè mìíràn rẹ́.

---

Àárẹ̀ Ìbàdàn:

Ẹni tó ṣe é gbàgbé láti tẹ àmì fáàtì ni. Ó máa ń ṣẹlẹ̀ sí àwa náà. Wọ́n á tún un ṣe lójú ẹsẹ̀, ẹ má pe ẹnikẹ́ni lólè lórí ìyẹn.

---

Sítọ́ọ̀kípà Àgbà:

Ó dáa, mo gbà fún yín lórí ti fáàtì. Àmọ́ ìbéèrè kan wà tí ẹnikẹ́ni ò bi í, ẹ̀yin onígègé. Kílò 420 yẹn, ta ló wọ̀n ọ́n? Ìdí sítọ́ọ̀ ni mo ti dàgbà. Páálí rìbìtì kan wà láàárín róòlù ọ̀rá kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n wé ọ̀rá mọ́. Ó nípọn, ó sì wúwo. Àwọn kan ń gbé róòlù sórí òṣùwọ̀n tòun ti páálí, wọ́n á ta páálí fún ọ ní owó ọ̀rá. Tí ọ̀rá bá tán, ẹ máa ń sọ páálí náà nù sẹ́yìn ilé, àbí bẹ́ẹ̀ kọ́?

---

Ọmọ Òkèsà:

Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀gbọ́n. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ní kí wọ́n gbé èyí tó ṣófo kan wá láti ẹ̀yìn ilé, a gbé e sórí òṣùwọ̀n tí a fi ń wọn ìyẹ̀fun. Kò pé kílò kan, 0.9 ni. Róòlù 20 á jẹ́ kílò 18. ₦51,300 nìyẹn láìfi fáàtì sí i! Ṣé kí n fi kún ímeèlì yìí kí n fi rán wọn lọ?

---

Bàbá Léjà:

Má dán an wò. Ọ̀rọ̀ kan ni kí ímeèlì kan gbé. Bí o bá ju páálí sínú ọ̀rọ̀ yìí, wọ́n á di kírẹ́díìtì nóòtì mú títí wọ́n á fi yanjú méjèèjì. Àti pé, kí ni ẹ́lìpíò yín sọ? Ṣé ó sọ pé ọ̀rá nìkan ni kílò 420, àbí kílò 420 lásán?

---

Ọmọ Òkèsà:

Kílò 420 lásán ni. Kótéṣọ̀n náà kò sọ nǹkan kan nípa páálí.

---

Àárẹ̀ Ìbàdàn:

A jẹ́ pé ibẹ̀ ṣòro, àǹtí. Iléeṣẹ́ kan ń yọ páálí kúrò kó tó kọ ìwọ̀n, òmíràn kì í yọ ọ́, kálukú á sì ní bí òun ṣe ń ṣe é láti ọjọ́ pípẹ́ nìyẹn. Mi ò ní sọ bí tiwa ṣe jẹ́ níbí o!

---

Sítọ́ọ̀kípà Àgbà:

Ẹ ò rí i? Ó ti sá. Àǹtí, ẹ gbé róòlù tuntun kan tí ẹ ò tíì tú, kí ẹ wọ̀n ọ́n. Ẹ fi wé ohun tí wọ́n kọ sára rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ 21 ni wọ́n kọ tí òṣùwọ̀n yín náà sì sọ 21, páálí wà nínú ẹ̀ nìyẹn. Bí òṣùwọ̀n bá sún mọ́ 22, wọ́n ti yọ páálí fún yín, ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà sùn.

---

Bàbá Léjà:

Ìmọ̀ràn gidi nìyẹn. Wọn róòlù bíi mélòó kan, má fi ẹyọ kan péré ṣe ìdájọ́. Kí o sì rí i dájú pé òṣùwọ̀n ìyẹ̀fun yẹn kì í purọ́. Gbé àpò ìyẹ̀fun kílò 50 tí a kò tíì tú sórí ẹ̀ ná. Ohunkóhun tó bá sọ, ẹ́lìpíò tó ń bọ̀ ni kí o ti lò ó: kọ ọ́ síbẹ̀ pé ìwọ̀n ọ̀rá nìkan, páálí kò sí nínú ẹ̀. Ti èyí tó ti kọjá, ẹ lè bi wọ́n léèrè. Mi ò lérò pé wọ́n máa dá yín lóhùn.

---

Ọmọ Òkèsà:

Kírẹ́díìtì nóòtì tuntun ti dé, ₦135,450, nọ́ńbà ínfọ́ìsì wà lára rẹ̀. Mo ti fi sínú fáìlì. Àwọn ọmọkùnrin ti ń gbé róòlù bọ̀ sórí òṣùwọ̀n, àkọ́kọ́ jẹ́ 21.1, 21 ló sì wà lára rẹ̀. Mi ò tíì sọ fún Mọ̀mí.